Kàbárà Kan, Ìṣísẹ̀ Kan

Ohun tí bàbá mi máa ń bi mí léèrè láàárín ìrun lọ́dún náà ni pé, "Ńbo la dé?" Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi ń sọ ọ́, bí ẹni tó ń béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ àlejò. A kì í sọ̀rọ̀ nínú ìrun. Òun gan-an ló fi pàṣán kọ́ mi nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje. Ṣùgbọ́n nígbà tí à ń wí yìí, bí a bá ti dé ráká kejì tàbí ìkẹta, ìyẹn ìpele ìrun, màá gbọ́ ọ ní ọ̀tún mi, "Ńbo la dé?", ara mi á sì gbóná.

N kò ní purọ́ mọ́ ara mi: onínú fùfù ni mí. Ìyá mi tó bí mi sọ bẹ́ẹ̀ kó tó kú, àbúrò bàbá mi obìnrin tó gba ìtọ́jú ilé lọ́wọ́ rẹ̀ sì ń sọ ọ́ lójoojúmọ́. Àǹtí ni mò ń pe àbúrò bàbá mi yìí. Ó ní bí wọ́n bá gbé omi lé mi lórí, á hó.

Fìlà ni bàbá mi ń rán ní Ọjà'ba. Ní mọ́ṣáláṣí kékeré tó wà lẹ́nu ọ̀nà agbo ilé wa nísàlẹ̀ Mápó, òun ló ń ṣíwájú ìrun fún nǹkan bí ogún ọdún. Àwọn àgbààgbà tó ń kírun lẹ́yìn rẹ̀ ní ọwọ́ rẹ̀ kì í yẹ̀. Àfi lọ́jọ́ kan tó kí àìlà, ìrun ọ̀sán tó ní ráká mẹ́rin, ní ráká márùn-ún. Wọ́n sọ "Subuhánálláhì" lẹ́yìn rẹ̀ títí láti fi ta á lólobó, kò gbọ́. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó kí i ní mẹ́ta. Àwọn àgbà wá sílé, wọ́n jókòó, wọ́n jẹ obì, wọ́n sọ̀rọ̀ nípa òjò àti nípa ọ̀nà Bẹẹrẹ tó bàjẹ́, kí wọ́n tó wá bẹ̀ ẹ́ pé kó sinmi. Kò bá wọn jiyàn. Láti ọjọ́ náà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ló ti ń kírun, èmi ni mo sì ń ṣíwájú rẹ̀ bí mo bá wà nílé. Àwa méjì péré ni, nítorí náà ọ̀tún mi ló máa ń dúró sí, ó ń sún sẹ́yìn díẹ̀, bí ìlànà ti wí.

Mo wà ní ọdún tó kẹ́yìn nílé ìwé gíga nígbà náà. Ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ni mò ń kọ́, ní ìgbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ládùúgbò wa rò pé ọ̀nà tí wọ́n fi ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe ni. Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ló ń yọ mí lẹ́nu. Mo ti fìdí rẹmi nínú rẹ̀ lọ́dún tó ṣáájú, mo sì ń tún un ṣe. Bí mo bá tún fìdí rẹmi, mi ò ní bá àwọn ẹgbẹ́ mi gboyè lọ́dún náà. Ọdún kan sí i kò tó nǹkan lójú ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, bí kì í bá ṣe ti bàbá mi. Ó ti rán fìlà tó máa dé lọ́jọ́ tí mo bá wọ ẹ̀wù àwọn tó gboyè. Ó fi bébà wé e, ó gbé e sórí àpótí. Nígbà mìíràn, ó máa ń tú u wò, á bi Àǹtí pé ta ló ni ín. Mo mọ̀ pé bó bá di ọdún tó ń bọ̀, ó lè máa béèrè nípa èmi náà pé ta ló ni mí. Nítorí náà ni mo ṣe ń lé ẹ̀kọ́ yìí bí ẹni tí ajá ń lé.

Ẹ̀kọ́ nípa ohun tí ẹ̀rọ lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe ni. Olùkọ́ wa jẹ́ ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ẹfun kì í tán lára ṣòkòtò rẹ̀. Ó máa ń ya òbìrí-kìtì sára pátákó, á fa ọfà láti ọ̀kan sí èkejì, á ní, "Ẹ̀rọ nìyí." A máa ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rọ tí kò ní irin, tí kò ní wáyà! Ṣùgbọ́n ó ṣàlàyé rẹ̀ yé wa. Òbìrí kọ̀ọ̀kan jẹ́ ipò kan tí ẹ̀rọ náà lè wà. Ọfà ń sọ ibi tí yóò lọ bó bá ka lẹ́tà kan. Bó bá ka lẹ́tà tó kẹ́yìn, tó sì bá ara rẹ̀ nínú òbìrí tí a fi ìlà méjì yí ká, ó gba ọ̀rọ̀ náà wọlé. Bí kò bá sí níbẹ̀, ó kọ̀ ọ́.

"Ẹ̀rọ yìí ò ní ìrántí," ni olùkọ́ wa wí. "Ẹ má bi í ní ohun tó kà lánàá, ẹ má bi í ní ohun tó kà níṣẹ̀ẹ́jú tó kọjá. Ibi tó dúró sí nìkan ló mọ̀. Bó bá ti ṣi ibi tó dúró sí mọ̀, ó parí fún un."

Gbogbo kíláàsì kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi ò kọ ọ́. Mo ń wo ọwọ́ mi.

Iṣẹ́ àṣetiléwá tó fún wa ni láti sọ ẹ̀rọ orí bébà di iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà lè ṣe, ní Páskàlì, èdè kan tí a fi ń kọ iṣẹ́ fún kọ̀ǹpútà. Lẹ́tà méjì péré ni ẹ̀rọ náà ń kà, a àti b. Yóò gba ọ̀rọ̀ wọlé bí a mẹ́ta bá wà nínú rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ lé ara wọn láìsí b láàárín. Ipò mẹ́rin ló ní. Òdo: kò tíì rí nǹkan. Ení: ó ti rí a kan. Èjì: ó ti rí a méjì léra. Ẹ̀ta: ó ti rí mẹ́ta, ibẹ̀ ló ti ń gba ọ̀rọ̀ wọlé. Bó bá wà ní ení tàbí èjì tó bá rí b, ó padà sí òdo. Bó bá ti dé ẹ̀ta, kò kúrò níbẹ̀ mọ́, ohun yòówù tó ìbáà kà. Kò le rárá. Ọmọ tó bá lè ta ayò lè yà á.

Mo fi ẹfun yà á sílẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, òbìrí mẹ́rin gbàǹgbà-gbàǹgbà, mo ń fi ẹsẹ̀ rìn ín. Màá pe lẹ́tà kan, màá gbé ẹsẹ̀ kan. A, mo bọ́ sí ení. A, mo bọ́ sí èjì. B, mo padà sí òdo. Àǹtí jáde láti ibi tó ti ń ṣa ìrẹsì, ó dúró.

"Irú hàntú wo nìyí?" ló wí. "O ti wá di ààfáà mọ́ wa lọ́wọ́?"

"Iṣẹ́ iléèwé ni, Àǹtí."

"Iṣẹ́ iléèwé tí wọ́n ń jó? Kó o tó sùn, kó o fi omi nù ún o. Mi ò fẹ́ kí ẹni tó bá wá kí bàbá ẹ rò pé a ń sa nǹkan sílé."

Bàbá mi jókòó sórí àga rẹ̀, ó ń wò mí tẹ̀rín-tẹ̀rín. Lẹ́yìn àkókò díẹ̀, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí pe lẹ́tà fún mi. "A," á ní, màá sì bọ́. Ó dùn mọ́ ọn. A ṣe é títí tí ẹsẹ̀ fi ń ro mí, kò sì sí ìgbà kan tí ìdáhùn kò bọ́ sí i.

Ìyẹn gan-an ni àṣìṣe mi. Ẹ̀rọ orí ilẹ̀ ni mò ń dán wò. Ohun tí mo kọ fún kọ̀ǹpútà, mi ò dán an wò dáadáa. Mo kàn gbà pé ọ̀kan náà ni wọ́n.

Wákàtí kan lọ́sẹ̀ ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ní nínú yàrá kọ̀ǹpútà, bí iná kò bá lọ. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo tẹ iṣẹ́ mi wọlé láti inú ìwé. Ìlà márùn-ún ni ọkàn iṣẹ́ náà, bí mo sì ti kọ wọ́n nìyí: bí ipò bá jẹ́ òdo tí lẹ́tà sì jẹ́ a, sọ ipò di ení. Bí ipò bá jẹ́ ení tí lẹ́tà sì jẹ́ a, sọ ipò di èjì. Bí ipò bá jẹ́ èjì tí lẹ́tà sì jẹ́ a, sọ ipò di ẹ̀ta. Méjì tó kù jẹ́ ti b. Fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, kọ̀ǹpútà yóò ka àwọn ìlà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo dán an wò. Mo tẹ aaa, ó gbà á wọlé. Mo tẹ bbb, ó kọ̀ ọ́. Mo tẹ baaab, ó gbà á. Mo bá pa ìwé dé, mo fi àkókò tó kù wo bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń jìyà. Ìgbéraga ni, mo mọ̀ ọ́n nísinsìnyí.

Ọjọ́bọ̀ ni olùkọ́ wa wá wo iṣẹ́ wa níkọ̀ọ̀kan. Ó dúró lẹ́yìn àga mi, ó na ọwọ́ kan, ó tẹ lẹ́tà méjì péré: ab. Kọ̀ǹpútà ní ó gbà á wọlé.

"A mẹ́ta dà níbẹ̀?" ló bi mí.

"Kò sí, sà."

Ó tẹ a kan ṣoṣo. Kọ̀ǹpútà tún gbà á wọlé. Òógùn bo imú mi.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, lórí bébà ó ṣiṣẹ́. Mo rìn ín, sà. Mo fẹsẹ̀ rìn ín."

"Kì í ṣe bébà ni mo ní kó o gbé wá." Ó wo orúkọ mi nínú ìwé rẹ̀, ó rí i pé mò ń tún ẹ̀kọ́ náà ṣe ni, ojú rẹ̀ sì rọ̀ díẹ̀. "Tún un ṣe kó tó di ọjọ́ Ajé. Aago méjì. Bí kò bá ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà, òdo ni màá kọ, ìwọ náà sì mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí."

Ohun tó wá dùn mí jù ni ti ọmọbìnrin tó jókòó tì mí. Ìlà kan náà ló kọ, ṣùgbọ́n láti ìsàlẹ̀ lọ sókè ló tò wọ́n, ti èjì ṣáájú ti ení, ti ení ṣáájú ti òdo. Tirẹ̀ ṣiṣẹ́. Mo bi í pé kí ló dé tó fi tò ó bẹ́ẹ̀. Ó ní òun ò mọ̀, bó ṣe wá sí òun lọ́kàn nìyẹn. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Mo wọ mọ́tò dé Bẹẹrẹ, mo fi ẹsẹ̀ rìn sọ̀kalẹ̀ lọ sílé. Lójú ọ̀nà, ẹnìkan kí mi, mi ò dáhùn. Mo ń ro ìlà márùn-ún yẹn, mo ń kà wọ́n lọ kà wọ́n bọ̀, n kò rí ohun tó ṣe wọ́n. Ìrun alásárì, ti ìrọ̀lẹ́, ti tó nígbà tí mo wọlé. Bàbá mi ti ṣe àlùwàlá, ó ti tẹ́ ẹní, ó ń dúró dè mí. Mi ò fẹ́ kírun lásìkò náà, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Mo ṣe àlùwàlá wàrà-wàrà, mo bọ́ síwájú.

Ẹni tí kò bá mọ̀, kó jẹ́ kí n ṣàlàyé. Bí ẹni tó wà níwájú bá ti ṣe kàbárà, tó ní "Allahu Akbar," ẹni tó wà lẹ́yìn yóò ṣí kúrò ní ipò kan bọ́ sí òmíràn. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ṣùgbọ́n ibi tó bá ọ ló ń sọ ohun tí wàá ṣe. Bó bá bá ọ lórí ìdúró, wàá tẹ̀. Bó bá bá ọ ní ìforíkanlẹ̀ àkọ́kọ́, wàá jókòó. Bó bá bá ọ lórí ìjókòó, wàá tún forí kanlẹ̀. Kàbárà kan, ìṣísẹ̀ kan.

Ní ráká kejì, mo ṣe kàbárà láti ìforíkanlẹ̀ àkọ́kọ́, mo jókòó. Bàbá mi náà jókòó. Ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ kò tíì gbóná nílẹ̀ tó tún fi forí kanlẹ̀, láìjẹ́ pé mo sọ nǹkan kan. Mo rí i látẹ̀gbẹ́ ojú. Kàbárà ẹyọ kan yẹn náà ló lò lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí mo wá ṣe kàbárà kejì tí èmi náà forí kanlẹ̀, ó dìde dúró. Mo wà nílẹ̀, mò ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ni mo bá gbọ́ ohùn rẹ̀ lókè.

"Ńbo la dé?"

Mo dìde, mo já ìrun náà.

"Bàbá! Kàbárà kan, ìṣísẹ̀ kan! Mi ò tíì pè é, ẹ ti lọ! Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ gbogbo àdúgbò yìí nírun, ṣé ẹ̀yin náà ni màá tún máa kọ́ ni?"

Ariwo ni mo pa, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ni mo sọ. Àǹtí yọjú láti ẹ̀yìnkùlé. Bàbá mi dúró, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà láyà.

"Má bínú," ló wí. "Mo rò pé o ti pè é ni."

Ibẹ̀ ni nǹkan náà ti yé mi. Kì í ṣe nǹkan ti bàbá mi, ti kọ̀ǹpútà ni. Ohun tó ń ṣe bàbá mi náà ló ń ṣe iṣẹ́ mi. Kọ̀ǹpútà ka a kan, ìlà àkọ́kọ́ sọ ipò di ení. Ṣùgbọ́n a yẹn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ bó ṣe bọ́ sórí ìlà kejì, ìlà kejì sì rí i pé ipò ti di ení, lẹ́tà sì jẹ́ a, ó bá tì í sí èjì. Ìlà kẹta tì í sí ẹ̀ta. Lẹ́tà kan, ìṣísẹ̀ mẹ́ta. Ìdí tí ti ọmọbìnrin yẹn fi ṣiṣẹ́ náà nìyẹn: bí a bá ti ìsàlẹ̀ kà á, ìlà tí ipò tuntun ìbá bọ́ sí ti kọjá kó tó débẹ̀.

Mo sáré lọ mú ìwé mi. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo ń kọ. "Bí bẹ́ẹ̀ kọ́" ni mo ní láti fi há àárín ìlà kọ̀ọ̀kan, pé bí ìlà kan bá ti mú lẹ́tà náà, kí gbogbo èyí tó kù fò ó.

"O ò tíì bá a parí ìrun o," Àǹtí wí láti inú ilé.

"Mò ń bọ̀."

Mi ò lọ. Ìgbà tí mo fi máa gbé orí sókè, bàbá mi ti ká ẹní, ó ti wọ yàrá rẹ̀ lọ. Nígbà tí màgàríbì, ìrun àṣálẹ́, tó, mo pè é. Ó ní òun ti kí tòun. Bẹ́ẹ̀ náà ló wí lọ́jọ́ Ẹtì, bẹ́ẹ̀ ló wí lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Kò bínú sí mi. Ó ń bá mi jẹun, ó ń kí mi káàárọ̀. Kò kàn wá dúró lọ́tùn-ún mi mọ́ ni. Ẹyin lohùn, wọ́n ní bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo mọ òwe náà dáadáa, mo ti fi kọ ìwé rí nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, mo tún iṣẹ́ náà tẹ̀. Ní àkọ́kọ́, kọ̀ǹpútà kọ̀ jálẹ̀ láti gbà á, nítorí mo gbàgbé láti yọ àwọn àmì sẹmikólọ́ọ̀nù tó wà ṣáájú "bí bẹ́ẹ̀ kọ́," Páskàlì kì í sì gba ìyẹn. Mo yọ wọ́n kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Lọ́tẹ̀ yìí, mo tẹ ẹ̀yà ọ̀rọ̀ gbogbo tó wá sí mi lọ́kàn: a, aa, ab, aab, aaba, abaaa, títí dé ọ̀rọ̀ tí kò ní lẹ́tà kankan. Gbogbo rẹ̀ ló bọ́ sí i. Aago méjì lù, olùkọ́ wa dé, ó tẹ ab. Kọ̀ǹpútà kọ̀ ọ́. Ó tẹ aabaaab. Ó gbà á.

"Báwo lo ṣe rí àṣìṣe náà?" ló bi mí.

"Mo tọ ìlà náà lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú lẹ́tà kan ṣoṣo, sà."

Irọ́ ni. Ó ní "Ó dára," ó fa ìlà pupa sí iwájú orúkọ mi. Ó sọ fún mi níbẹ̀ pé máàkì tó kù kò lè mú kí n fìdí rẹmi mọ́. Mo dúpẹ́, mo jáde, inú mi ò sì dùn tó bí mo ṣe rò pé yóò dùn.

Nígbà tí mo délé, Àǹtí wà lẹ́nu ọ̀nà ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbá àyà mú.

"Wá wo bàbá ẹ," ló wí. "Láti ìgbà tí ládàánì ti pe alásárì ló ti dúró bẹ́ẹ̀. Kò tẹ̀, kò jókòó. Mo bá a sọ̀rọ̀, kò dá mi lóhùn."

Ó dúró sórí ẹní, ọwọ́ láyà, ó kọjú sí gábàsì. Ó wọ inú ìrun, kò sì mọ ohun tó kàn. Kó má baà ṣì í, ó dúró síbi tó dá a lójú. Ó ń dúró de kàbárà. Ìgbà náà ló yé mi pé bó ṣe ń ṣe é láti Ọjọ́bọ̀ nìyẹn, nínú yàrá, tó ní òun ti kí tòun.

Mo ṣe àlùwàlá. Mo lọ dúró ní òsì rẹ̀, mo sún síwájú díẹ̀, mo wọ ìrun. Mo ké Fátíà sókè díẹ̀ kó lè mọ ibi tí a wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kì í ké e sókè nínú alásárì. Mo ṣe kàbárà. Ó tẹ̀. Mo dúró títí ó fi tẹ̀ tán. A kí ráká mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bẹ́ẹ̀, mi ò kúrò ní ipò kan láìjẹ́ pé ó ti bá mi níbẹ̀. Mò ń retí kó béèrè. Kò béèrè. Ojú mi ló ń wò látẹ̀gbẹ́, bí ọmọ kéwú ṣe ń wo ẹni tó mú pàṣán.

Nígbà tí mo sálámọ̀ sí ọ̀tún àti sí òsì, mo yíjú sí i.

"A ti parí, Bàbá."

"Ṣé mo ṣe é dáadáa?"

"Ẹ ṣe é dáadáa, Bàbá. Ẹ dárí jì mí. Mo yege. Iṣẹ́ tí ẹ bá mi pe lẹ́tà ẹ̀ lọ́jọ́sí, ó ti ṣiṣẹ́. Màá wọ ẹ̀wù náà lọ́dún yìí."

Ó ronú sí i. Ó wo ọ̀nà yàrá rẹ̀, níbi tí fìlà wà lórí àpótí.

"Ìgbà wo ni?"

"Oṣù mẹ́rin sí i, Bàbá."

Ó fi àtàǹpàkò ka ìka rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó tún wọn kà láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Ó jìnnà," ló wí. "Bí mo bá ṣìnà kó tó dìgbà náà, má jágbe mọ́ mi mọ́."

Mo ní mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.